Bí a ṣe ń da ọkàn àti túlípù sójú kafé: mílíìkì lákọ̀ọ́kọ́, imú jọ́ọ̀gì lẹ́yìn náà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ife kafé tó ní ọkàn lójú yẹn síta làwọn èèyàn ti ń bi mí pé kí ni mo fi yà á, ẹnì kan tiẹ̀ ní ṣé igi ìtayín ni àbí mo ní nǹkan tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Mílíìkì àti jọ́ọ̀gì ni, bí mílíìkì bá ṣe ń wọnú ife ló ń ya ara ẹ̀, iṣẹ́ tèmi ò ju kí n mọ ìgbà tí jọ́ọ̀gì máa wà lókè àti ìgbà tó máa sún mọ́lẹ̀. Mo wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kí ẹnu mi lè sinmi.

Ọmọ Kétu ni mí, àmọ́ Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo ti ń ṣe kafé, ní apá Wàndó, ọdún kẹrin rèé. Kafé tí mo mọ̀ kí n tó débí ò ju ti kafetéríà ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ mọ̀ ọ́n, kafé oníyẹ̀fun, mílíìkì agolo aládùn, búrẹ́dì àti ọmọlẹ́ẹ̀tì, mo ṣì ń jẹ ẹ́ láràárọ̀ mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè ya ọkàn sójú ìyẹn bó ti wù kí ọwọ́ yín yá tó. Mílíìkì aládùn yẹn wúwo torí ṣúgà tó kún inú ẹ̀, ìsàlẹ̀ ife ló máa ń lọ jókòó sí, kafé oníyẹ̀fun náà ò sì ní ìfófó pupa tó máa ń bo ojú ẹsipẹrẹ́sò, ìyẹn kafé díẹ̀ tó le tí masínì ń fi agbára tẹ̀ jáde. Àwòrán yìí, funfun lórí pupa ni, tí pupa ò bá sí níbẹ̀ funfun ò ní rí ibi tó máa ti hàn.

Nǹkan tẹ́ ẹ máa nílò ò pọ̀. Masínì tó ní páìpù ooru, jọ́ọ̀gì irin tó ní imú ṣóńṣó (imú ni mo ń pe ibi tí mílíìkì ń gbà jáde), èyí tó ń gba 350 mílílítà ló bá ife kan mu. Kí ife yín máa gba bíi 200 mílílítà, kí ẹnu ẹ̀ fẹ̀, kí inú ẹ̀ rí roboto bí igbá. Ife gíga tóóró bíi gíláàsì máa fìyà jẹ yín, imú jọ́ọ̀gì ò ní lè dé ìtòsí kafé, ẹ sì máa rí i níwájú pé ìtòsí yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́. Fún ẹsipẹrẹ́sò, mo ń wọn 18 gíráàmù kafé lílọ̀, mo ń jẹ́ kí bíi 36 gíráàmù ṣàn jáde láàrin ìṣẹ́jú àáyá 25 sí 30. Tó bá jẹ́ ìjẹta ni wọ́n yan kafé yẹn, gáàsì inú ẹ̀ ṣì pọ̀, ìfófó pupa ẹ̀ á ga á sì ní ihò wẹ́wẹ́, etí àwòrán yín ò ní mọ́ rárá. Ẹ jẹ́ kó sinmi bí ọ̀sẹ̀ kan kẹ́ ẹ tó lò ó.

Ó tán lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí wàhálà wà.

Mílíìkì

Èyí tí mo ń lò ni ti páálí tí wọ́n kọ lẹ́ àǹtíyé sí lára, ìyẹn èyí tí wọn ò yọ ọ̀rá ẹ̀, ọ̀rá inú ẹ̀ máa ń tó bíi 3.5 nínú 100. Purotéènì inú mílíìkì ló ń di afẹ́fẹ́ mú, ó máa ń wé mọ́ ọn bí awọ, ọ̀rá ní tiẹ̀ ló ń jẹ́ kó jọ̀lọ̀ lẹ́nu. Àwọn kan máa ń rò pé èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá ẹ̀ tán ò lè hó, irọ́ ni, ó ń hó dáadáa, ó tiẹ̀ lè hó ju ti ọlọ́ràá lọ, ṣùgbọ́n ìfófó ẹ̀ gbẹ, ó le, á kàn gan sójú ife bí òwú ni, kò ní ṣàn. Èyí tí ẹ ti ṣí kalẹ̀ sínú fíríìjì láti bí ọjọ́ mélòó kan ńkọ́? Ó lè má tíì kan o, kó ṣì dùn lẹ́nu, àmọ́ tí ooru bá kàn án báyìí ìfófó ẹ̀ á máa fọ́ tàì tàì tàì bí ìgbà tí ọṣẹ bá fẹ́ tán. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ìró yẹn nínú jọ́ọ̀gì, ẹ má dá ara yín lẹ́bi, mílíìkì yẹn ni.

Tó bá jẹ́ mílíìkì oníyẹ̀fun lẹ ní, ó ṣeé ṣe. Bíi 26 gíráàmù sínú omi 180 mílílítà, ẹ pò ó kí ó má ní kókó, ẹ sẹ́ ẹ, kó sun inú fíríìjì mọ́jú. Ṣùgbọ́n ẹ ka ẹ̀yìn páálí ẹ̀ dáadáa torí ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì, ó ṣì ń hó lóòótọ́ ṣùgbọ́n ọ̀kan ò jọ ọ̀kan, ẹ lè rí ọkàn lónìí kẹ́ ẹ má rí i lọ́la pẹ̀lú ọwọ́ kan náà.

Kó tutù o. Ohun tó jẹ́ kí mo ń pariwo ẹ̀ nìyí: láti ìgbà tí ooru bá ti wọ mílíìkì títí tó fi máa gbóná tó, àkókò yẹn nìkan lẹ ní láti fi ṣe gbogbo iṣẹ́ yín, tí mílíìkì bá ti inú fíríìjì jáde ní bíi dígírì 4, àkókò yẹn gùn. Lọ́jọ́ tí kúráǹ lọ látàárọ̀ dọ̀sán ní àdúgbò wa, nígbà tó dé tí mo gbé mílíìkì, ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n tó ka ẹẹ́ta ó ti gbóná, mi ò rí àyè yí i po rárá, gbogbo ife ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló jọ ọṣẹ ìfọṣọ.

Ó yá, ẹ da mílíìkì sínú jọ́ọ̀gì. Kó dé ìsàlẹ̀ ibi tí imú ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, kó má kọjá ibẹ̀. Nínú jọ́ọ̀gì 350 yẹn, ó máa jẹ́ bíi 160 mílílítà. Kẹ́ ẹ tó ki páìpù bọ̀ ọ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí ooru sínú àkísà fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, omi tó ti tutù nínú páìpù á jáde, ẹ ò fẹ́ kí omi yẹn bá mílíìkì yín pàdé.

Ẹ wá ki ẹnu páìpù sínú mílíìkì, kó wọlẹ̀ díẹ̀ báyìí, bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kó má ṣe wà ní àárín gbùngbùn o, ẹ sún un díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí jọ́ọ̀gì náà tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀. Ẹ ṣí ooru gbalaja, ẹ má ṣí i ní ìdajì torí ẹ̀rù. Lẹ́yìn náà ẹ rọra sọ jọ́ọ̀gì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹnu páìpù á fi kan ojú mílíìkì, ẹ máa gbọ́ ìró kan, tsss, tsss, bí ìgbà tí wọ́n ń ya bébà. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé gbúlú gbúlú lẹ ń gbọ́, tí mílíìkì ń ta sókè, páìpù ti jáde jù, afẹ́fẹ́ ńláńlá ló ń wọlé. Tó bá sì jẹ́ pé ó ń han, híììì, bí ẹran tí wọ́n fẹ́ pa, páìpù ti rì jù, afẹ́fẹ́ kankan ò wọlé, ẹ kàn ń se mílíìkì ni.

Ìró bébà yẹn ò gbọ́dọ̀ pẹ́. Lórí masínì wa, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sí márùn-ún ti tó, masínì kékeré ilé lè gbà tó mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa sọ fún yín ni ọwọ́ kejì tẹ́ ẹ gbé lé ara jọ́ọ̀gì: tí ẹ ò bá mọ òtútù ẹ̀ mọ́ tẹ́ ẹ ò sì mọ ooru, ó ti bá ara yín dọ́gba nìyẹn, bíi dígírì 37, ẹ dá afẹ́fẹ́ dúró níbẹ̀. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì sókè díẹ̀ kí ẹnu páìpù tún wọlẹ̀, ó kàn nílò bí ìdajì sẹ̀ǹtímítà, ìró á rọlẹ̀, mílíìkì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbirigbiri bí omi tó ń wọ ihò gọ́tà. Yíyí yẹn ló ń fọ́ afẹ́fẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ tó ń pò ó mọ́ mílíìkì. Tí kò bá yí, ẹ má dúró máa wò ó, ẹ sún jọ́ọ̀gì sọ́tùn-ún tàbí sósì díẹ̀ títí tó fi máa yí.

Nígbà tí ọwọ́ yín ò bá lè dúró lára jọ́ọ̀gì mọ́, ẹ pa á. Ìyẹn ni bíi dígírì 60. Tẹ́ ẹ bá ní tẹmómítà ẹ lò ó ní oṣù àkọ́kọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀, ẹ kàn pa á ní bíi 57 torí á ṣì gùn díẹ̀ sí i lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pa á. Tó bá ti kọjá 70, purotéènì ẹ̀ á ti bàjẹ́, òórùn mílíìkì sísè á jáde, adùn ẹ̀ á lọ, ìfófó ẹ̀ ò sì ní dúró. Ẹ nu páìpù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pẹ̀lú àkísà tútù, kẹ́ ẹ tún tú ooru jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbẹ, ọ̀bẹ lẹ máa fi ha á.

160 mílílítà tẹ́ ẹ dà sínú ẹ̀ yẹn máa ti wú di bíi 200 báyìí. Ìwọ̀nba yẹn náà ni. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni pé wọ́n máa ń fẹ́ kó wú dé etí jọ́ọ̀gì, wọ́n á ní ó ti dáa, ìfófó ti pọ̀. Èyí tó pọ̀ yẹn ò dáa fún àwòrán. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ò yẹ kó dà bí ìfófó tó jókòó lórí mílíìkì, ó yẹ kó jẹ́ nǹkan kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, tó ń dán bí pẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tẹ́ ẹ bá yí jọ́ọ̀gì kó máa lẹ̀ mọ́ ara irin díẹ̀ kó tó ṣàn padà. Tẹ́ ẹ bá rí ihò díẹ̀ lójú ẹ̀, ẹ gbá ìdí jọ́ọ̀gì mọ́ tábìlì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ máa yí i. Tí ihò ẹ̀ bá pọ̀ bíi ti ọṣẹ, gbígbá ò ràn án, ẹ mu ún kẹ́ ẹ ṣe òmíràn.

Ẹ má sì gbé e kalẹ̀ kẹ́ ẹ lọ dáhùn fóònù. Láàrin ìdajì ìṣẹ́jú ìfófó á ti máa lọ sókè, mílíìkì á máa lọ sísàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá wá dà á, omi ló máa kọ́kọ́ jáde, ìfófó á wá já bọ́ lójijì bí ẹ̀kọ tí wọ́n tú kúrò nínú ewé. Ẹ máa yí i títí ọwọ́ yín fi máa kan ife.

Ibi tí jọ́ọ̀gì máa wà

Tẹ́ ẹ bá lóye gbólóhùn kan yìí ẹ ti gbọ́ gbogbo ẹ̀: mílíìkì tó bá ti òkè bọ̀ máa rì, èyí tó bá ti ìtòsí bọ̀ máa léfòó. Tó bá ti òkè wá, eré ló bá dé, á gún ìfófó pupa kọjá sísàlẹ̀, pupa á padà bò ó mọ́lẹ̀. Tí imú jọ́ọ̀gì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kafé, mílíìkì ò ní agbára láti wọlẹ̀, ìfófó inú ẹ̀ fúyẹ́, á tẹ́ sójú. Òkè lẹ fi ń kún ife, ìtòsí lẹ fi ń yàwòrán.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi ọwọ́ òsì gbá ìdí ife mú, ẹ jẹ́ kó tẹ̀ wá sọ́dọ̀ jọ́ọ̀gì, bíi dígírì 30 sí 45, kí kafé fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí ife lápá ibi tí jọ́ọ̀gì wà. Báyìí imú jọ́ọ̀gì lè dé ojú kafé láìjẹ́ pé etí ife dí i lọ́wọ́. Bí ife bá ṣe ń kún lẹ máa ń gbé e nàró díẹ̀díẹ̀, nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa parí kó ti dúró ṣánṣán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ ọ̀tún da mílíìkì, kí etí tí wọ́n fi ń gbé ife kọjú sí ikùn yín. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ kékeré, àmọ́ ọkàn máa ń kọ ìdí ẹ̀ sí ibi tó jìnnà sí jọ́ọ̀gì, tí etí ife ò bá sí lápá ikùn yín, oníbàárà á gbé ife pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún kó wá rí ọkàn tó dorí kodò. Ẹni tó bá ń lo òsì, kó kọ etí ife síta.

Ọkàn

Ẹ mi ife ẹsipẹrẹ́sò díẹ̀ kí pupa tẹ́ dọ́gba. Ẹ tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ gbé jọ́ọ̀gì sókè, kí imú ẹ̀ jìnnà sí kafé tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ da mílíìkì tóóró sí àárín, ibi tí kafé ti jinlẹ̀ jù, ẹ lè fi yí òbìrìkítí kékeré kan kó lè pò. Ojú ife ò gbọ́dọ̀ funfun ní gbogbo àkókò yìí. Tẹ́ ẹ bá rí funfun tó ń yọjú, ẹ gbé jọ́ọ̀gì sókè díẹ̀ sí i tàbí kẹ́ ẹ dín dídà kù.

Nígbà tó bá kún dé ìdajì, ẹ dúró, ìṣẹ́jú àáyá kan péré. Ẹ wá sọ jọ́ọ̀gì kalẹ̀ títí tí imú ẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kafé, ní àárín, kó sún díẹ̀ sí apá ọ̀dọ̀ yín tí jọ́ọ̀gì wà. Báyìí ni kẹ́ ẹ wá tẹ ìdí jọ́ọ̀gì sókè kí mílíìkì jáde dáadáa. Ibí ni ẹ̀rù ti máa ń ba èèyàn. Èèyàn á sún mọ́ kafé dáadáa, ṣùgbọ́n á máa dà á ní ìkán ìkán torí ó ń bẹ̀rù pé ife á kún, bẹ́ẹ̀ tí jọ́ọ̀gì ò bá tẹ̀ tó, omi mílíìkì nìkan ló ń jáde, ìfófó á lẹ̀ mọ́ inú jọ́ọ̀gì. Ẹ dà á pẹ̀lú ìgboyà. Ẹ máa rí i tí funfun á yọ, á máa fẹ̀ bí epo tó ta sórí omi. Ẹ má gbọn ọwọ́, ẹ má sún, ẹ dúró sójú kan kó máa fẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa gbé ife nàró.

Tó bá ku díẹ̀ kó kún, ẹ gbé jọ́ọ̀gì sókè, bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ dín dídà kù kó di òwú tẹ́ẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ wá fi gé funfun yẹn láàrin lọ tààrà sí etí ife lápá kejì. Òwú yẹn máa rì, á máa fa funfun tẹ̀lé e, ìdí ọkàn á já ṣóńṣó. Tẹ́ ẹ bá gbàgbé láti gbé e sókè kẹ́ ẹ tó gé, funfun tuntun á máa dà sórí ti tẹ́lẹ̀, ọkàn á gùn bí ewé àgbàdo. Tẹ́ ẹ bá sì gbé e sókè ṣùgbọ́n ẹ ń dà á púpọ̀, á fa gbogbo ọkàn wọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ife mẹ́ta ló ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan bàjẹ́ lọ́nà tiẹ̀. Ife kìíní, látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú ife ti ń funfun, nígbà tó fi máa dé ìparí, gbogbo ẹ̀ ti dà bí ìkùukùu, kò sí pupa mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mílíìkì yìí hó jù." Mo ní kó jẹ́ ká wo jọ́ọ̀gì ná. Ìyókù tó wà nínú ẹ̀ ń dán, kò ní ihò, tí a bá yí i ó ń ṣàn, mílíìkì ò lẹ́bi. Sísún mọ́ ọn lákọ̀ọ́kọ́ ni, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti ìtòsí nítorí ó fẹ́ tètè rí funfun.

Ife kejì ó gbé jọ́ọ̀gì sókè bí mo ṣe sọ, àmọ́ kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tó. Ó rò pé òun ti sún mọ́ ọn. Mo ní kó dúró bẹ́ẹ̀, mo fi ìka mi wọ̀n ọ́n, ìka mẹ́ta ló wà láàrin imú jọ́ọ̀gì àti kafé. Ojú ń tan èèyàn níbẹ̀ torí òkè lèèyàn ti ń wò ó. Ife yẹn kún pẹ̀lú pupa láti etí dé etí, kò sí àmì funfun kankan. Mo ní kó máa bẹ̀rẹ̀ orí wo ẹ̀gbẹ́ ife dípò kó máa wò ó látòkè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí àyè tó wà láàrin méjèèjì.

Ẹ̀kẹta, gbogbo ẹ̀ dáa, funfun yọ, ó fẹ̀, ó rí roboto, inú ẹ̀ dùn, ó wá dúró máa wò ó. Nígbà tó fi máa rántí pé ó yẹ kó gé e, ife ti kún dé etí, tó bá gé e á dà sílẹ̀. A fún oníbàárà ní òṣùpá lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn náà ò burú. Yàtọ̀ sí pé ó dúró wò ó, ó tún ti kún ife ju ìdajì lọ kó tó sọ jọ́ọ̀gì kalẹ̀, ìyẹn ni ò jẹ́ kí àyè kù. Ife kẹrin tó dúró ní ìdajì ni ọkàn ti jáde, ó wọ́ sápá kan díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ni.

Túlípù

Òdòdó kan ni túlípù, kì í hù níbí, ẹ kàn fojú inú wò ó bí ọkàn tí wọ́n tò lé ara wọn. Ẹni tí ọkàn ò bá tíì máa jáde fún ní ife mẹ́jọ nínú mẹ́wàá kó má tíì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, á kàn máa da mílíìkì nù ni. Mílíìkì ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣàn díẹ̀ ju ti ọkàn lọ, torí funfun àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ lè sún nígbà tí èkejì bá ń tì í. Tó bá le, á dúró gan-an, èkejì á wá gùn ún lórí.

Ẹ kún ife látòkè bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹ dúró kó tó dé ìdajì gan-an, torí àyè tó pọ̀ díẹ̀ lẹ nílò. Ẹ sọ jọ́ọ̀gì kalẹ̀ ní àárín, ẹ da funfun kan, bí ó bá ti fẹ̀ tó owó fráńkì ńlá, ẹ ti imú jọ́ọ̀gì síwájú díẹ̀ kó sún kúrò, ẹ wá dá dídà dúró pátápátá. Kì í ṣe kẹ́ ẹ dín in kù o, kó dúró. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ nípa dídá imú jọ́ọ̀gì sókè, ẹ má gbé jọ́ọ̀gì kúrò níbẹ̀.

Ẹ fà sẹ́yìn tó ìbú ìka kan, sápá ọ̀dọ̀ jọ́ọ̀gì, ẹ da ìkejì. Bó ṣe ń jáde, ẹ tì í síwájú kó wọ inú ti àkọ́kọ́, ẹ máa rí i tí ti àkọ́kọ́ á tẹ̀, á na apá yí ìkejì ká bí ẹni tó gbọ́mọ mọ́ra, ìlà pupa tẹ́ẹ́rẹ́ á sì wà láàrin wọn. Ìlà pupa yẹn ló ń jẹ́ kí túlípù jẹ́ túlípù. Tẹ́ ẹ bá dà á lé orí ti àkọ́kọ́ dípò ẹ̀yìn ẹ̀, kò ní sí ìlà, méjèèjì á di ọkàn ńlá kan. Ẹ dá a dúró, ẹ tún fà sẹ́yìn, ẹ da ẹ̀kẹta, kí èyí kéré ju àwọn tó kù, ẹ má tì í. Òun ni orí. Lẹ́yìn náà ẹ gbé jọ́ọ̀gì sókè, kẹ́ ẹ gé gbogbo ẹ̀ láàrin láti orí dé ìdí pẹ̀lú òwú tẹ́ẹ́rẹ́.

Ohun tó máa ń fa wàhálà níbẹ̀ ni pé láàrin ìkíní sí ẹ̀kẹta, ìfófó inú jọ́ọ̀gì ti ń ya kúrò lára mílíìkì, ti ìkẹta á wá jáde wúwo. Bó bá ń ṣe yín bẹ́ẹ̀ ẹ yára, ìdádúró láàrin wọn ò gbọ́dọ̀ ju kẹ́ ẹ mí lẹ́ẹ̀kan. Èmi ò sì rò pé ó yẹ kéèyàn máa lé márùn-ún tàbí mẹ́fà nínú ife 200 mílílítà, mẹ́ta ti kún un.

Kíkọ́ ọ láìná owó mílíìkì

Mílíìkì wọ́n, kò sí bí ẹ ṣe máa fi páálí mẹ́wàá kọ́ṣẹ́ lọ́sẹ̀ kan. Ohun tí mo fi kọ́ ọ ni omi tútù àti ọṣẹ ìfọwo olómi. Ẹ̀kán kan ṣoṣo sínú omi 160 mílílítà, ẹ má jẹ́ kó di méjì. Ẹ fi ooru ṣe é gẹ́gẹ́ bí mílíìkì, ó máa ń ṣe ìró kan náà, ó ń yí bákan náà, ìfófó ẹ̀ náà sì ń wẹ́ tó bá dáa. Kafé yín náà, ẹ má lo ẹsipẹrẹ́sò gidi, ẹ po síbí kòkó oníyẹ̀fun kan mọ́ omi gbígbóná díẹ̀, pupa ẹ̀ á hàn dáadáa. Àwòrán ọṣẹ ò ní dúró pẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ yín á mọ gíga àti ìtòsí, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kan mílíìkì gidi kò ní jẹ́ àjèjì sí yín.

Ẹni tí ò ní masínì lè fi mọ́kà, ìyẹn ìkòkò kafé tí wọ́n ń gbé kaná, se kafé kó le dáadáa, kó gbé mílíìkì kaná dé 60, kó dà á sínú ìkòkò kafé onípísítọ̀nù, kó máa fà á sókè sódò nítòsí ojú mílíìkì bíi ẹ̀ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, kó wá dà á sínú jọ́ọ̀gì kó yí i, kó gbá a mọ́ tábìlì. Ìfófó pupa mọ́kà tín-ín-rín, nítorí náà ọkàn lẹ máa rí, túlípù á ṣòro díẹ̀.

Àwọn jọ́ọ̀gì ọṣẹ yẹn o, ẹ fi àmì sí wọn lára. Èmi ò fi nǹkan kan sí tèmi nígbà yẹn, mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní àárọ̀ kùtù, ọ̀gá wọlé, mo yára gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo mú jọ́ọ̀gì, mo da ọkàn kan tó mọ́ rekete sójú ẹsipẹrẹ́sò wọn, ọkàn tó dáa jù tí mo tíì ṣe títí di ọjọ́ yẹn. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n mu ún ní ẹ̀ẹ̀kan. Rọ́bà pupa ló wà ní ọwọ́ jọ́ọ̀gì ọṣẹ báyìí.